Owó iṣẹ́ ti kọjá ọjọ́ rẹ̀: báwo ni ẹ ṣe máa ń kọ̀wé tó ń le sí i láì dá ìjà sílẹ̀?

Àṣàkẹ́ Atúmọ̀ (Bódìjà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ àdáṣe ni mò ń ṣe. Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, mo sì ń fi ohùn mi ka ìkéde fún rédíò. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan níhìn-ín ní Ìbàdàn gbé ìwé ìlera àti ìkéde rédíò kan fún mi ṣe. ₦350,000 la jọ fẹnu kò sí. Ó wà nínú ímeèlì pé wọn yóò san ₦100,000 ṣáájú, kí ìyókù sì wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mo bá jíṣẹ́. Wọ́n san ti àkọ́kọ́ yẹn. Mo fi iṣẹ́ àti ínfọ́ìsì ránṣẹ́ pọ̀ ní 3 oṣù kẹta. Wọ́n ní ó dára gan-an, ìkéde náà sì ti ń jáde lórí rédíò báyìí. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san ìyókù ni 17 oṣù kẹta. Òní ti di 9 oṣù kẹrin, ₦250,000 kò tíì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pe ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi. Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa mọra. Ohun tí mo kọ sí i lórí Wasáàpù nìyí:

> "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu o. Mo ní kí n kàn rán yín létí ọ̀rọ̀ wa ìjọ́sí. Olúwa á túbọ̀ máa gbé yín ga."

Ó fèsì pé, "Àmín o, àbúrò. A ń ṣiṣẹ́ lé e lórí." Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ kọjá, mo tún kọ irú rẹ̀, èsì kan náà ló fún mi. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára, torí ó máa ń gbé iṣẹ́ wá. Ṣùgbọ́n owó ilé mi ti ń sún mọ́. Báwo ni ẹ̀yin ṣe máa ń kọ èyí tó kàn, àti èyí tó tẹ̀ lé e, tí ọ̀rọ̀ á fi máa le sí i?

Lánre Fọ́tò

Èmi kì í fún wọn níṣẹ́ kí owó tó pé. Bí mo bá ya fọ́tò ìgbéyàwó, kékeré tí mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí láàárín ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Ọjọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì bá dún ni wọ́n máa rí èyí tó mọ́. Má fún wọn ní fáìlì yẹn o, Àṣàkẹ́.

Àṣàkẹ́ Atúmọ̀

Bọ̀dá Lánre, ẹ ṣé. Iṣẹ́ ti dọ́wọ́ wọn láti oṣù tó kọjá, orí rédíò ló wà. Èyí tí n óò kọ sí wọn ni mò ń wá.

Lánre Fọ́tò

Áà, mi ò ka ibẹ̀ dáadáa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mi di ti iṣẹ́ mìíràn.

Tóyìn Kọ́ńpútà

Àwọn ará òkè òkun ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ohun tó sì ń ràn mí lọ́wọ́ ni èlé. Ṣe ínfọ́ìsì tuntun, fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi pẹ́, kí o sì kọ ọ́ ní pupa. Tí wọ́n bá rí i pé owó ń gùn sí i, wọ́n á san án kíá.

Baba Akáńtáǹtì (Dùgbẹ̀)

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ohun tí o máa kọ ti ń wá.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ kọ́ ló ń sanwó. Ní ọ́fíìsì tó bá létò, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ni ìwé rẹ máa ń gbà kọjá. Ẹni tó gba iṣẹ́ á fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ pé. Akáńtáǹtì á kọ ọ́ mọ́ àwọn owó tí wọ́n fẹ́ san. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà á pàṣẹ fún báǹkì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló sì ní ọjọ́ ìsanwó tiwọn: òmíràn ń san ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òmíràn di ìparí oṣù. Ìwé tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ akáńtáǹtì kí ọjọ́ yẹn tó pé, ọjọ́ ìsanwó mìíràn ló kàn án. Mo ti rí i tí ìwé sùn sínú ímeèlì ẹni tó gbé iṣẹ́ síta fún oṣù méjì, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ní ibi lọ́kàn. Ó kàn gbàgbé láti gbé e sọ́dọ̀ wa ni.

Nítorí náà, yẹ èsì tí wọ́n bá fún ọ wò dáadáa. "A ń ṣiṣẹ́ lé e lórí" kò sọ ọwọ́ ẹni tí ìwé wà, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì kúrò lójú kan. "Ó ku kí dírẹ́kítọ̀ fọwọ́ sí i" dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí o lè padà béèrè lọ́la bóyá ó ti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní, "Oníbàárà wa ni kò tíì san tiwa," ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi owó rẹ dúró de owó ẹlòmíràn. Bí kò bá sí nínú ímeèlì tí ẹ fi ṣàdéhùn pé wàá dúró de ẹni yẹn, gbèsè wọn ṣì ni.

Wàyí o, wo ohun tí o kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Kò sí iye owó níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ínfọ́ìsì, kò sí ọjọ́, kò sí ìbéèrè kankan. Àdúrà ló parí rẹ̀, ó sì ṣe àmín. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wà níwájú rẹ̀, "ọ̀rọ̀ wa ìjọ́sí" lè má yé e rárá. O sì tún bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, nígbà tí o kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìkíni kò ní kí owó má wọlé o. Máa kí i, máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ni kí o yọ kúrò.

Ohun tó máa ń mú ìwé le ni ohun tí o bá béèrè nínú rẹ̀. Fi ohùn kan náà kọ gbogbo wọn, kí ìbéèrè máa yí padà. Lọ́la, kọ èyí sí i:

> "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ínfọ́ìsì 014 tí mo fi ránṣẹ́ ní 3 oṣù kẹta, ₦250,000, ti kọjá ọjọ́ ìsanwó rẹ̀, 17 oṣù kẹta. Mo tún fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ akáńtáǹtì? Bí kò bá tíì dé, ẹ fún mi ní ímeèlì wọn kí n fi ránṣẹ́ fúnra mi."

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, kò lè fi "a ń ṣiṣẹ́ lé e lórí" dá ọ lóhùn kó sì bá ìbéèrè mu. O tún ti gba iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ńbà 014 yẹn, fi tìrẹ sí i. Bí ínfọ́ìsì rẹ kò bá ní nọ́ńbà, fún un ní ọ̀kan kí o tó fi ẹ̀dà ránṣẹ́.

Tí o bá ti rí ímeèlì akáńtáǹtì, òun ni kí o kọ ìkejì sí, kí ẹ̀dà sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kó má bàa dà bí ẹni pé o gbẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ni o máa béèrè níbí:

> "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ̀wé nípa ínfọ́ìsì 014, ₦250,000, fún ìtumọ̀ àti ìkéde rédíò tí ẹ gbà ní 3 oṣù kẹta. Ó yẹ kí ẹ ti san án ní 17 oṣù kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ìsanwó yín wo ni ẹ fi í sí? Bí ohun kan bá kù nínú ìwé mi tí kò jẹ́ kó kọjá, ẹ sọ fún mi kí n tún un ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé máa ń dúró torí nǹkan kékeré. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báǹkì kò bá orúkọ tó wà lórí ínfọ́ìsì mu, tàbí kò sí nọ́ńbà owó orí, tàbí iye tí wọ́n ti san ṣáájú kò hàn nínú rẹ̀. Akáńtáǹtì á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní pè ọ́.

Ìkẹta àti ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, mò ń bọ̀.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ọjà Ọba)

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ti pọ̀ jù fún mi. Ọmọ mi, dìde láàárọ̀ kùtù, lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Kí gbogbo wọn máa bá ọ níbẹ̀ bí wọ́n ti ń wọlé. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó jẹ mí lówó aṣọ, bí mo bá ti jókòó síwájú ilé wọn, owó máa ń jáde. Má sì bá a sọ̀rọ̀ líle o. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.

Rọ́tìmí Mókọ́lá

Ẹ̀yin náà ń rọra ṣe jù. Ọlọ́pàá kan ni kó mú lọ síbẹ̀. Tàbí kó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn síta lórí ayélujára kí gbogbo ayé rí wọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa san.

Lọ́yà Ìyágankú

Rọ́tìmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á nímọ̀ràn yẹn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ. Iṣẹ́ tí wọn kò sanwó rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Bí Àṣàkẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò kó ọlọ́pàá bá wọn, ìwé yẹn lè padà wá di ẹ̀rí lòdì sí i, agbẹjọ́rò wọn ni yóò sì kọ́kọ́ fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé orúkọ wọn síta. Bí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ bá ṣì, wọ́n á ti rí ohun tí wọ́n lè fi pe òun náà lẹ́jọ́, ₦250,000 á wá di ọ̀rọ̀ kejì.

Tóyìn, èlé tí ẹ sọ kò burú níbi tí ẹ ti ń bá ènìyàn ṣàdéhùn rẹ̀ ṣáájú. Ti Àṣàkẹ́ kò sí nínú ímeèlì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò lè dá a kọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, kó sì retí pé ó di gbèsè. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ iye tó ju èyí tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ, ó ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè máa bá a jiyàn lé lórí, wọ́n á ní, "A ṣì ń yẹ ínfọ́ìsì yín wò." Iye tí kò ṣeé jiyàn ni kí ó wà nínú gbogbo ìwé, láti ìkíní dé ìkẹyìn.

Tóyìn Kọ́ńpútà

Mo gbọ́, Àǹtí Lọ́yà. Tèmi wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè kọ ọ́ sí ti iṣẹ́ tó kàn?

Lọ́yà Ìyágankú

Ó lè kọ ọ́. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fèsì pé àwọn gbà.

Baba Akáńtáǹtì (Dùgbẹ̀)

Mo ti dé. Ìyá Aláṣọ, ẹ ò ṣì sọ nípa lílọ síbẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni lílọ lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá jókòó láàárọ̀ títí, tí ọ̀gá ní òun wà ní ìpàdé, kò sí ohun tó máa fi hàn pé ó wá. Kí ó tẹ ìwé rẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Kí ó fún ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀kan, kí ẹni náà sì fi orúkọ, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ sí ìkejì tí ó máa mú lọ sílé. Ìkẹrin ni mo fẹ́ kó fi ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìkẹta. Nínú èyí, Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa dá ọjọ́, tí yóò sì sọ ohun tí òun ń dá dúró. Kó fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin, torí ìsinmi Àjíǹde ń bọ̀, ọ́fíìsì á sì tì:

> "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. ₦250,000 ti ínfọ́ìsì 014 ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lónìí. Mò ń retí rẹ̀ nínú àkáǹtì mi ó pẹ́ tán ní Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin. N kò ní lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn fún ilé-iṣẹ́ yín títí yóò fi wọlé. Bí ọjọ́ yẹn kò bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣeé ṣe ránṣẹ́ sí mi lónìí."

Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀ mọ́, kò sì sí èébú. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà nínú "ẹ̀gbọ́n" àti "sà". Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ń ṣílẹ̀kùn fún un, torí owó lè má sí nílẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ kan, ó máa ń nira fún un láti sẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ó bá pè ọ́ lórí fóònù dípò kó kọ̀wé, bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ti parí, kọ ọ́ sórí Wasáàpù lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣé tí ẹ pè, Ẹ̀gbọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ, ₦250,000 yóò wọlé lọ́jọ́ báyìí." Ìpè kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ìkẹrin jẹ́ lẹ́tà gidi. Ilé-iṣẹ́ ni o máa kọ ọ́ sí, tí ọ̀gá àgbà á jẹ́ ẹni tó gbà á, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìtàn ló máa kún inú rẹ̀: ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tí iṣẹ́ dé, ọjọ́ tí o kọ̀wé kọ̀ọ̀kan àti èsì tí wọ́n fún ọ. Ìparí rẹ̀ nìyí:

> "Bí ₦250,000 yìí kò bá wọlé ó pẹ́ tán ní 29 oṣù kẹrin, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà fún agbẹjọ́rò láì tún kọ̀wé mìíràn."

Má kọ gbólóhùn yẹn bí o kò bá ní ṣe é. Mo mọ àwọn tó kọ "ìkẹyìn" lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ọ́fíìsì wa, a mọ̀ wọ́n dáadáa, ìsàlẹ̀ ni ìwé wọn sì máa ń wà.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ọjà Ọba)

Bàbá, ibi "n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn" yẹn ni ara mi kò gbà. Àwọn tó ń túmọ̀ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Á gbé e fún ẹlòmíràn.

Baba Akáńtáǹtì (Dùgbẹ̀)

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìyá. Ẹni tí ó bá gbé e fún náà á máa béèrè owó tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ló mọ bí iṣẹ́ wọn ti pọ̀ tó nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ bá ń ti ibẹ̀ wá, kó yọ gbólóhùn náà, kó fi ọjọ́ nìkan sílẹ̀.

Lọ́yà Ìyágankú

Mo fẹ́ fi ẹnu kan ìkẹrin. Kó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, kó fi fóònù ya gbogbo ọ̀rọ̀ Wasáàpù náà, kó tẹ ímeèlì àdéhùn àti èyí tí wọ́n fi sọ pé iṣẹ́ dára sórí ìwé. Èyí tí wọ́n fi yin iṣẹ́ yẹn ṣe kókó, torí bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n lè ní iṣẹ́ kò pé.

Lẹ́tà yẹn wúlò ju ìdẹ́rùbà lọ. Ní Èkó, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré bẹ̀rẹ̀ ní 2018 fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni lẹ́tà tí a fi bèèrè owó àti ẹ̀rí pé ẹni tó jẹ gbèsè gbà á. Ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn ni tirẹ̀, kóòtù májísíréètì ní Ìyágankú níhìn-ín ni kó ti lọ bá rẹ́jísítírà, kó mú lẹ́tà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù náà dání. Lóòótọ́, fún ₦250,000, kó ṣírò owó agbẹjọ́rò mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ti tó, kò ní dé kóòtù.

Lánre Fọ́tò

Àǹtí Lọ́yà, ẹni kan jẹ mí lówó ìsọmọlórúkọ láti ọdún tó kọjá. Ẹnu la fi ṣàdéhùn, kò sí ìwé. Ṣé mo lè kọ irú lẹ́tà yìí?

Lọ́yà Ìyágankú

Ẹ lè kọ ọ́. Àdéhùn ẹnu náà jẹ́ àdéhùn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Wasáàpù tí wọ́n fi pè yín síbi ayẹyẹ náà àti àlẹ́ẹ̀tì owó àkọ́kọ́ tí wọ́n san.

Àṣàkẹ́ Atúmọ̀ (Bódìjà)

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. 17 oṣù kẹrin nìyí, mo ní ìròyìn.

Bàbá, bí ẹ ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo kọ ìkíní ní ọjọ́ kejì tí ẹ fún mi. Ẹ̀gbọ́n fi ímeèlì akáńtáǹtì ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ó ní òun rò pé òun ti gbé e fún wọn. Mo kọ ìkejì sí akáńtáǹtì. Ó dáhùn pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ínfọ́ìsì náà, àti pé orúkọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí àkáǹtì báǹkì jẹ́ orúkọ èmi fúnra mi. Mo fi orúkọ méjèèjì sí i, mo dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Kò sọ ọjọ́ kankan, nítorí náà mo kọ ìkẹta ní Ọjọ́ Ajé. Mo fi gbólóhùn iṣẹ́ tuntun yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá, ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ wọn kò tó ìdajì iṣẹ́ mi.

Lánàá, ₦150,000 wọlé. Kò sí àlàyé. Ẹ̀gbọ́n kàn kọ ọ́ pé, "Àbúrò, ẹ ti rí i báyìí." ₦100,000 ló kù. Ṣé kí n ṣe ínfọ́ìsì tuntun fún ₦100,000? Ṣé ìkẹrin ṣì ń lọ?

Tóyìn Kọ́ńpútà

Bóyá owó orí ni wọ́n yọ. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láì sọ fún ènìyàn.

Baba Akáńtáǹtì (Dùgbẹ̀)

Wọ́n máa ń yọ ọ́ lóòótọ́, Tóyìn, ṣùgbọ́n kò lè tó báyìí. Bí ohun tó dín bá ṣe bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, mà á ní kó béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí náà lọ́wọ́ wọn, torí tirẹ̀ ni. ₦100,000 nínú ₦250,000 kì í ṣe owó orí. Apá kan ni wọ́n san.

Àṣàkẹ́, má ṣe ínfọ́ìsì tuntun rárá. Bí ìwé méjì bá dé ọ̀dọ̀ akáńtáǹtì fún iṣẹ́ kan, ó lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ pé ó ti parí, tí ₦100,000 á wá di gbèsè tuntun tó ní ọjọ́ ìsanwó tuntun. 17 oṣù kẹta ni ọjọ́ rẹ, má jẹ́ kó yí padà. Sọ ohun tó wọlé, kí o tún béèrè ọjọ́:

> "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. ₦150,000 wọlé ní 16 oṣù kẹrin lórí ínfọ́ìsì 014. Ó ku ₦100,000 lórí ínfọ́ìsì kan náà, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti 17 oṣù kẹta. Ọjọ́ wo ni ẹ máa san án?"

Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akáńtáǹtì. Má kọ "ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín" kí o sì dákẹ́. Wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́yà Ìyágankú

Mo fara mọ́ ọn. Owó tí wọ́n san yẹn tún ṣe é láǹfààní, torí ẹni tó san apá kan gbèsè ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá dá ọjọ́ títí ìsinmi fi parí, kí lẹ́tà ìkẹrin lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin, pẹ̀lú ₦100,000 nínú rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ọjà Ọba)

Rárá o. Ẹni tó ń san ni ẹni tó ń san. Lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà lẹ́yìn tí ó ti san ₦150,000, á dà bí ẹni pé a fẹ́ ba ẹ̀gbọ́n yẹn jẹ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ bá àǹtí tó mú wọn mọra. Kí àǹtí pe ẹ̀gbọ́n sí kọ̀rọ̀ kan.

Baba Akáńtáǹtì (Dùgbẹ̀)

Ìyá, bí àǹtí bá wọ̀ ọ́, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò ní lè pe akáńtáǹtì. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín jà lórí èyí. Mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Lọ́yà Ìyágankú

Bí ó bá máa lọ bá àǹtí, kó lọ kí lẹ́tà tó jáde. Tí lẹ́tà bá ti jáde tán, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, kí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ má bàa dà bí ohun tó ṣeé sún.

Àṣàkẹ́ Atúmọ̀ (Bódìjà)

Mo ti fi ọ̀rọ̀ Bàbá ránṣẹ́, akáńtáǹtì sì ní ẹ̀dà. Akáńtáǹtì ló kọ́kọ́ fèsì: Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń sanwó, tòní sì ti jáde kí ọ̀rọ̀ mi tó dé, nítorí náà 24 oṣù kẹrin ni ₦100,000 yóò jáde bí dírẹ́kítọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ọjọ́ ti wà báyìí, n óò dá lẹ́tà ọjọ́ 22 dúró di ọjọ́ 25, mo sì ti tẹ ẹ̀dà méjèèjì sílẹ̀. N kò tíì bá àǹtí sọ ọ́. Ìyá, èyí tí ẹ sọ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi òru yìí rò ó.